Àìbìkítà Kọ́ Ló Ń Jẹ́ Kí Ọmọ Fo “The”

Ó yẹ kí olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì yé bá ọmọ Yorùbá wí pé kò fọkàn sí “the”. Bí a bá ní “Mo ra ìwé”, ọ̀rọ̀ ti parí. Ìgbà tó bá pọn dandan nìkan là ń fi “kan” tàbí “náà” kún un. Gẹ̀ẹ́sì kì í gbà bẹ́ẹ̀. Kíkọ́ ọmọ pé “náà” ni “the” sì ń ṣì í lọ́nà: “Oòrùn ti wọ̀” là ń wí, láìsí “náà”, àmọ́ “the sun” ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Ìbéèrè ni kí a kọ́ ọmọ: ṣé olùgbọ́ mọ èyí tí mò ń wí? Bó bá mọ̀ ọ́n, “the” ni. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, tó sì jẹ́ ẹyọ kan tó ṣeé kà, “a” ni, tàbí “an” níwájú ìró fáwẹ́lì.