Ìwé Olórí Èsúsú Kì Í Ṣe Ìwé Tìrẹ

Ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu àwa tí à ń dá èsúsú tó yẹ ká gbé jù sígbó: "Ṣebí ó wà nínú ìwé ìyá wa." Olórí èsúsú ni ìyá wa tí à ń wí yìí. Òun ló ń gba owó, òun ló ń kọ ọ́, òun náà ló ń sọ fún wa pé èyí tó kù nìyí. Èèyàn méjìlá ló ń dá owó, bíírò kan ṣoṣo ló ń kọ ọ́. Èmi ò fara mọ́ ọn. Mo sọ ọ́ gbangba pé ẹnikẹ́ni tó bá ń dá èsúsú láìní ìwé tirẹ̀ ti fi owó rẹ̀ sí ìkáwọ́ iyè inú ẹlòmíì. N ò sọ pé olè ni àwọn olórí èsúsú wa. Olóòótọ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Àmọ́ olóòótọ́ náà ń gbàgbé.

Ẹ wo àjọ ojoojúmọ́ tí alájọ máa ń wá gbà ní ṣọ́ọ̀bù. Alájọ á fún ọ ní káàdì tó ní ojú mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Bó o bá ti san ti òní, á sàmì sí ojú kan nínú káàdì tìrẹ, á sì kọ ọ́ sínú ìwé tirẹ̀. Bí oṣù bá parí, á yọ owó ọjọ́ kan fún ara rẹ̀, á kó ìyókù fún ọ. Káàdì yẹn ò kúrò lọ́wọ́ rẹ. Bí alájọ bá ní ọjọ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lo dá, tí káàdì rẹ sì fi méjìdínlọ́gbọ̀n hàn, ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn. Ìwé méjì ló wà, kò sì sẹ́ni tó sọ pé àbùkù ló jẹ́ fún alájọ. Kí ló wá dé tó fi jẹ́ pé àjọ 500 náírà lójúmọ́ ní ìwé méjì, ṣùgbọ́n èsúsú 20,000 lóṣù ní ìwé kan péré?

Ìdáhùn táwọn èèyàn máa ń fún mi ni pé ìgbẹ́kẹ̀lé ni wọ́n fi ń dá èsúsú, pé ẹni tó bá ń kọ nǹkan sílẹ̀ ti ń fura sí olórí. Wọ́n á ní bẹ́ẹ̀ làwọn baba wa ṣe é. Irọ́ ni! Samuel Johnson sọ̀rọ̀ èsúsú nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1921, William Bascom náà sì kọ nípa rẹ̀ ní 1952. Nínú ohun tí Bascom rí, bí ẹgbẹ́ bá ti pọ̀, wọ́n máa ń pín in sí ọ̀nà ọ̀nà, kí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ní olórí tirẹ̀ tó máa dáhùn fún owó àwọn èèyàn rẹ̀. Ẹ rí i pé àwọn tó ṣáájú wa ò fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún ìgbẹ́kẹ̀lé nìkan. Wọ́n ṣètò ẹni tí a óò bi, àti ẹni tí yóò dáhùn. Àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Ìwé tìrẹ ni àìgbà tìrẹ.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan wò ó. Ká ní ọwọ́ méjìlá ló wà nínú èsúsú kan, 20,000 náírà lóṣù fún ọwọ́ kan, láti oṣù kìn-ín-ní dé oṣù kejìlá. Ẹni tó bá kàn á kó 240,000. Ká wá ní ìyá aláṣọ kan ló ni ọwọ́ kẹjọ. Ó san ti oṣù mẹ́rin àkọ́kọ́ pé pérépéré. Ní oṣù karùn-ún, ọjà ò tà. Ó fún olórí ní 12,000 lọ́wọ́, lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ó ní kí ọmọ òun fi 8,000 tó kù ránṣẹ́ láti inú báńkì. Orúkọ ọmọ ló bá owó náà lọ, olórí ò sì mọ ẹni tó ni ín. Ìyá aláṣọ san ti oṣù kẹfà àti ìkeje pé.

Oṣù kẹjọ dé, ó kàn án láti kó. Olórí ka 192,000 fún un. Ìyá ní kí ló dé? Olórí ní, "Mo ti yọ 20,000 tìẹ ti oṣù yìí. Ó ku 8,000 lọ́rùn ẹ láti oṣù karùn-ún, mo yọ ọ́. Ẹnì kan ò sì tíì mú tiẹ̀ wá." Gbogbo ohun tó sọ ló dà bí òótọ́, nítorí bó ṣe wà nínú ìwé rẹ̀ nìyẹn. Bí ìyá aláṣọ ò bá ní ìwé tirẹ̀, ẹkún àti ariwo ló kù tó lè fi gbèjà ara rẹ̀. Wọ́n á ní ó ń purọ́, òun náà á ní wọ́n fẹ́ jẹ òun níyà, ọ̀rẹ́ ogún ọdún á sì tú ká nítorí 8,000.

Bó bá ní ìwé ńkọ́? Ojú ewé méjì ni ìwé náà máa ní. Ọ̀kan ni Ohun Tí Mo Dá, èkejì ni Ohun Tí Mo Kó. Lójú ewé àkọ́kọ́, ìlà kọ̀ọ̀kan á sọ ọjọ́ tó san án, iye rẹ̀, oṣù tó san án fún, ọ̀nà tó gbà san án, àti ẹni tó gbà á. Ẹ má ṣe da ọjọ́ tí owó jáde pọ̀ mọ́ oṣù tí owó wà fún, torí níbẹ̀ gan-an ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìlà méjì ni oṣù karùn-ún ìyá aláṣọ máa gbà: 12,000 lọ́wọ́ olórí fúnra rẹ̀, àti 8,000 láti báńkì, lórúkọ ọmọ, pẹ̀lú ọjọ́ tó lọ. Wọ́n á ṣí fóònù olórí wo ọjọ́ yẹn, wọ́n á rí 8,000 tí ò rẹ́ni tó ni ín, ọ̀rọ̀ á sì parí.

Ojú ewé kejì ló le jù, òun làwọn èèyàn sì máa ń kọ ní àkọgbé. Iye tó tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́ nìkan ni wọ́n ń kọ: "Mo kó 192,000." Ìyẹn ò tó. 20,000 tí olórí yọ kì í ṣe owó tó sọnù. Ìyá ti dá ti oṣù kẹjọ nìyẹn, ó sì ti kó o pẹ̀lú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò fọwọ́ kàn án. Nítorí náà ó gbọ́dọ̀ wà lójú ewé méjèèjì. Lójú ewé kìn-ín-ní, ó ti dá 160,000. Lójú ewé kejì, 240,000 ló tọ́ sí i, 212,000 ló ti kó, 28,000 ló kù: 8,000 ti oṣù karùn-ún, àti 20,000 lọ́rùn ẹni tí kò tíì san. Kó kọ orúkọ onítọ̀hún, kó kọ ọjọ́ tí wọ́n dá fún un. Tí kò bá kọ 20,000 oṣù kẹjọ yẹn síbi kankan, tó bá di oṣù kejìlá, ẹnì kan á ní oṣù kẹjọ ṣófo lórúkọ rẹ̀. Òun náà á ṣí ìwé rẹ̀, á rí i pé òótọ́ ni, ó ṣófo. Á tún un san lẹ́ẹ̀kejì.

Ohun mìíràn tún wà tí ìwé máa ń là yéni. Bí ìyá aláṣọ bá ti gba 28,000 yẹn, ó ti kó 240,000, ṣùgbọ́n 160,000 ló ti dá. Owó ẹlòmíì ni 80,000 nínú owó tó kó, oṣù mẹ́rin tó kù ló sì máa fi san án. Ẹni tí kò bá rí i lákọsílẹ̀ á rò pé èrè ni. Irú wọn ló máa ń sá lọ́jọ́ ìdáwó lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kó tiwọn tán. Kì í ṣe gbogbo wọn ló jẹ́ ọ̀dájú. Ẹlòmíì ò kàn mọ̀ pé gbèsè lòun ń ná ni.

Àwọn ọ̀dọ́ á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó wà nínú báńkì." Báńkì á sọ pé o fi 20,000 ránṣẹ́ sí ẹnì kan. Kò ní sọ bóyá èsúsú ni, bóyá owó aṣọ ẹbí ni, bóyá gbèsè lo san. Àfi bí ìwọ fúnra rẹ bá kọ "èsúsú oṣù kẹfà" síbi tí wọ́n ti ní kó o kọ ìdí tó o fi ń fowó ránṣẹ́. Èyí tó o san lọ́wọ́ ńkọ́? Báńkì ò mọ̀ ọ́n rárá. Àwọn àgbàlagbà á sì ní àwọn ò mọ̀wé. Ṣé ẹlẹ́mu tó ń fa ìlà sára ògiri fún oníbàárà tó mu àwìn lọ ilé ìwé ni? Ìlà kan fún oṣù tó pé, àbọ̀ ìlà fún èyí tí kò pé, òdo ńlá lọ́jọ́ tó o bá kó. Ó ti tó ìwé.

Mi ò ní tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ìwé tó o dá kọ, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ náà ṣì ni. Kó tó di ẹ̀rí, olórí gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Bó o bá ti sanwó, fi ọ̀rọ̀ kékeré ránṣẹ́ sí i lórí Wọ́sáàpù: "Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Mo ti san 12,000 nínú ti oṣù karùn-ún, ó ku 8,000." Bó bá dáhùn pé òun ti rí i, o ti ní ẹlẹ́rìí. Bí kò bá gbà bẹ́ẹ̀, ọjọ́ yẹn gan-an lẹ ó sọ ọ́, kì í ṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ìwé ò sì lè mú olórí tó bá kó owó sá lọ padà wá. Àmọ́ bó o bá ń kọ ẹni tó kó lóṣooṣù àti bóyá owó rẹ̀ pé, wàá rí i bí nǹkan bá ti ń wọ́. Bí owó ẹni méjì tó tẹ̀ léra ò bá pé, tí wọn ò sì sọ ẹni tó jẹ gbèsè náà, béèrè kó o tó dá ti oṣù tó ń bọ̀.

Olórí tó mọ nǹkan tó ń ṣe ò ní bínú sí èyí. Bí iná bá jó ọjà, tí ìwé rẹ̀ sì jóná, ìwé wa ló máa gbà á lọ́wọ́ ìtìjú. Bí àìsàn bá dá a gúnlẹ̀, ìwé wa lọmọ rẹ̀ á fi mọ ẹni tó kù láti kó. Olórí tó bá ní kí a má kọ nǹkan sílẹ̀, òun gan-an ni kí a máa kọ tirẹ̀ sílẹ̀.

Ní ọjọ́ tí ọwọ́ kejìlá bá kó tán, ṣí ojú ewé méjèèjì. Iye tó o dá àti iye tó o kó gbọ́dọ̀ bára mu géérégé. Bí wọn ò bá bára mu, má dá ti ọdún tuntun o, àyàfi tí wọ́n bá fi ìlà tí owó náà gbà lọ hàn ọ́.