Oúnjẹ Àgbò Iléyá: Ṣé Ó Ń San Owó Ara Rẹ̀?

Bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ ẹni tó sin àgbò tà nígbà Iléyá pé èló ló jẹ lérè, iye tó rà á àti iye tó tà á ló máa kọ́kọ́ dárúkọ. Owó oúnjẹ kì í sábà sí nínú ìṣirò rẹ̀, nítorí díẹ̀díẹ̀ ló ń jáde lápò. Bẹ́ẹ̀ oúnjẹ yìí gan-an ló ń sọ bóyá èrè wà.

Ẹ jẹ́ ká wo ẹnì kan tó ra àgbò Yánkásà ní ọjà Wudil, ní ìpínlẹ̀ Kánò, nígbà tí ọdún ku nǹkan bí oṣù mẹ́ta ààbọ̀. Àgbò náà rù, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ mọ́, kò wúkọ́, ìgbẹ́ rẹ̀ sì le. Eyín ńlá méjì ti yọ níwájú ẹnu rẹ̀, èyí tó fi hàn pé ó ti lé lọ́mọ ọdún kan. Irú èyí ló dára. Èyí tó rù nítorí àìsàn, owó oògùn ni yóò máa jẹ. Ó rà á ní ₦150,000. (Àpẹẹrẹ ni gbogbo owó tí mo dá níbí o, ẹ fi ti ọjà yín rọ́pò rẹ̀.)

Ẹ má fi ìwọ̀n ọjọ́ tí àgbò dé bẹ̀rẹ̀ ìṣirò. Ebi àti òùngbẹ ló gbé bọ̀ láti ọjà. Ó lè fi kílò méjì tàbí mẹ́ta kún un láàárín ọjọ́ mélòó kan, kó sì jẹ́ pé omi àti koríko inú ikùn lásán ni. Ọ̀gá wa yìí dúró fún ọ̀sẹ̀ kan, ó gbé e kọ́ òṣùwọ̀n láàárọ̀ kó tó jẹun, ó wọn kílò 30.

Láti ọjọ́ náà, ó ń fún un ní nǹkan bí gíráàmù 700 eèrí àlìkámà tó po kúlíkúlí díẹ̀ mọ́, pẹ̀lú gíráàmù 600 ewé ẹ̀pà gbígbẹ, èyí tí àwọn Haúsá ń pè ní hàráwà. Bí kílò eèrí bá jẹ́ ₦350, tí ti ewé ẹ̀pà jẹ́ ₦200, owó oúnjẹ ọjọ́ kan jẹ́ ₦365. Fún ọjọ́ 90, ó di ₦32,850. Oògùn aràn, abẹ́rẹ́ àjẹsára àti iyọ̀ gba ₦6,000, ọkọ̀ gba ₦5,000.

Nígbà tí ọjọ́ 90 pé, àgbò wọn kílò 40. Ọjà ọdún ti gbówó lórí, ó tà á ní ₦220,000. Èrè rẹ̀ jẹ́ ₦26,150.

Ẹ wá wo ibi tí owó yìí ti wá. Nígbà tó rà á, kílò kan jẹ́ ₦5,000. Kílò mẹ́wàá tó fi kún un tó ₦50,000. Ẹ yọ oúnjẹ kúrò, ó ku ₦17,150. Ọ̀wọ́n ọdún nìkan ló mú ₦20,000 yòókù wá, kí a tó yọ oògùn àti ọkọ̀. Bí kò bá rí i tà títí ọdún fi kọjá, ₦20,000 yẹn ti lọ nìyẹn, oúnjẹ kò sì dúró. Ẹni tó bá ń fa iye títí di alẹ́ ọjọ́ tó ku ọ̀la, èmi kò bá a dá sí i.

Ọ̀nà kan wà láti mọ̀ bóyá oúnjẹ ṣì ń sanwó. Ẹ pín ₦365 sí ₦5,000: gíráàmù 73 ló gbọ́dọ̀ fi kún un lójúmọ́, ìyẹn bí ìdajì kílò lọ́sẹ̀. Ẹ máa wọ̀n ọ́n lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Tí kò bá tó ìdajì kílò fún ọ̀sẹ̀ méjì léra, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò fún aràn. Bí kò bá sí àìsàn, ó ti sanra tó, ọ̀rá ló ń kó báyìí, oúnjẹ tí ọ̀rá sì ń gbà pọ̀ ju ti ẹran lọ. Ẹ wá oníbàárà.

Ohun méjì ló sábà ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́. Èkíní ni kíkánjú. Ẹ bẹ̀rẹ̀ eèrí láti gíráàmù 200, kí ẹ sì fi ọ̀sẹ̀ méjì gbé e dé 700. Bí ó bá pọ̀ lójijì, yóò kan nínú ikùn rẹ̀: á wú, á kọ oúnjẹ, á máa ṣu omi. Èkejì ni òkúta inú ìtọ̀, tí eèrí púpọ̀ láìsí omi tó ń fà fún akọ. Bí ẹ bá rí i tó ń ká ẹ̀yìn, tó ń tiraka, tí ìtọ̀ kàn ń kán tótó, ẹ pe dókítà ẹran lọ́jọ́ náà. Omi mímọ́ nígbà gbogbo àti iyọ̀ díẹ̀ nínú eèrí ló ń dènà rẹ̀.

Iléyá 2025 bọ́ sí ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà, bí ọjọ́ 11 ló sì fi ń ṣíwájú lọ́dọọdún. Ìyẹn ni pé àárín ẹ̀ẹ̀rùn la máa sin àgbò báyìí, nígbà tí ewé ẹ̀pà ti wọ́n. Ẹ rà á nígbà ìkórè, ní oṣù Kẹwàá tàbí Ìkọkànlá, kí ẹ tò ó sórí igi, kí ó má kan ilẹ̀.