Nọ́ńbà tó wà lọ́rùn aṣọ kọ́ ni ìwọ̀n ara ẹ

Ẹ̀yin ọ̀rọ̀bọ̀ ẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ sáìsì ni mo bá wá lónìí, ó sì máa gùn díẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú obìnrin kan ní Magodo níbí. Lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, 22 ló ń wọ̀. Amẹ́ríkà máa pe aṣọ kan náà ní 18. Torrid, tó ń ránṣọ fáwọn tó sanra lọ́hùn-ún, máa kọ 2 sí i. Ní Jámánì, ó lè di 50. Ara kan náà o! Kò sanra sí i, kò sì rù.

Kò sẹ́ni tó ń fipá mú wọn lo ìwọ̀n kan ni. Ìjọba Amẹ́ríkà gbé ìlànà sáìsì aṣọ obìnrin jáde ní 1958, wọ́n sì fagi lé e ní 1983. Oníkálukú ló ń ka tiẹ̀ bó ṣe wù ú. Torrid kàn bẹ̀rẹ̀ kíkà tiẹ̀ lọ́tọ̀ ni: 1 wọn dúró fún 14 àti 16, 2 dúró fún 18 àti 20.

Ti fífò ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ máa ń gé pátánì kan fún ara tí kò tóbi, wọ́n á wá máa fẹ̀ ẹ́ lọ. Láàrin àwọn sáìsì kékeré, ínṣì kan tàbí kan ààbọ̀ ni wọ́n sábà ń fi kún àyà. Tó bá dé ọ̀dọ̀ wa, ó di méjì. Ìyẹn ni 16 ṣe lè fún ẹ pinpin, tí 18 á tún máa ṣe gbàgẹ̀rẹ̀ lára ẹ.

Ibi tó ń dùn mí jù rèé. Ẹran ara ló ń pọ̀ sí i, egungun èjìká kì í gbòòrò tó bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá kàn ń fẹ pátánì kékeré yẹn, èjìká aṣọ á já sí apá, ọrùn á ṣí sílẹ̀, síbẹ̀ apá á há. Tó o bá rí èyí, pátánì ló burú, kì í ṣe ara ẹ. Èyí tí wọ́n gé fún irú ara wa láti ìbẹ̀rẹ̀ làwọn Amẹ́ríkà ń kọ W sí: 18W sábà máa ń fẹ̀ ní ikùn àti apá ju 18 lásán lọ. Ẹ wá lẹ́tà yẹn tẹ́ ẹ bá ń ṣa òkìríkà ní Kétu.

Ẹ̀yin tó ń tajà lórí fóònù, ẹ jọ̀ọ́, "ó gba 16 sí 22" kì í ṣe ìwọ̀n. 16 ti ibo? Ẹnì kan tà irú ẹ̀ fún mi, kò há mi lápá kékeré, ó ní òun kì í gba ọjà padà. Ẹ tẹ́ aṣọ sílẹ̀, ẹ fi téèpù wọ̀n ọ́n láti abíyá kan sí èkejì, kẹ́ ẹ kọ ọ́ síbẹ̀. Ínṣì 46 ni àyà mi. Tẹ́ ẹ bá kọ 24, mo mọ̀ pé yíká ẹ̀ jẹ́ 48, mo sanwó lójú ẹsẹ̀. Tó bá jẹ́ 22, àfi tó bá jẹ́ aṣọ tó ń fà.