Ẹ Yé É Di Ẹ̀bi Ọ̀nà Ru Èkó

Ẹ̀yin adájọ́, ẹ̀yin ará Ifọ́n, kò sí ẹni tí kò mọ bí ọ̀nà Ọ̀wọ̀ sí Ifọ́n ṣe léwu tó, n ò ní fi ìyẹn gbà yín lákòókò. Ohun tó ń bí mi nínú ni ọ̀rọ̀ àwọn alátakò wa, pé ìlú ńlá tó ń yára gbòòrò ló ń pa wá, pé Èkó ti kó àwọn ọ̀dọ́ wa lọ, oko ti di igbó.

Ta ni wọ́n rò pé ó ń jẹ gààrí wa? Gbágùúdá kì í ṣe iṣu tí èèyàn lè tò sí abà. Bí a bá wú u lónìí, kó tó di ọjọ́ kẹta, inú rẹ̀ á ti máa fàlà dúdú. Àfi kí àgbẹ̀ tètè rí ẹni rà á, tàbí kó bó o, kó lọ̀ ọ́, kó fún omi rẹ̀ dànù, kó sì yan án. Ní abúlé tí gbogbo ilé ti ń gbìn ín, ta ni yóò rà á lọ́wọ́ ta ni? Ará ìlú ńlá kò ní oko, ojoojúmọ́ ló sì ń jẹun. Òun ló ń sọ oko wa di owó. Ọmọ tó sì ti Èkó fi owó páànù ilé bàbá rẹ̀ ránṣẹ́, ṣé òun náà ló ba ilé jẹ́?

Wọ́n tún ní ìdọ̀tí àti àgbàrá pọ̀ ní Èkó. Ó pọ̀ lóòótọ́! Àmọ́ níbi tí èrò pọ̀ sí náà ni reluwé oníná mànàmáná ti lè pa owó wọlé, irú èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ l'Ékòó ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023.

Kì í ṣe Èkó, ìbẹ̀rù ojú ọ̀nà ló ń pa oko wa. Ọjọ́ 26 oṣù Kọkànlá ọdún 2020 ni wọ́n pa Olúfọ́n, Ọba Israel Adeusi, ní Elegbeka lójú ọ̀nà Ọ̀wọ̀ sí Ifọ́n yìí kan náà, nígbà tí Kábíyèsí ń ti Àkúrẹ́ bọ̀. Ọba o! Awakọ̀ tó bá ṣì fẹ́ wá á bu ewu mọ́ owó ọkọ̀, alájàpá á sì yọ ọ́ nínú owó àgbẹ̀.

Nítorí náà, kí Àmọ̀tẹ́kùn àti sójà máa dúró sí Elegbeka tọ̀sán-tòru, kì í ṣe lẹ́yìn tí wọ́n bá ti jí èèyàn gbé tán. Kí a ní ẹ̀rọ tó ń lọ gbágùúdá, tó sì ń fún omi rẹ̀, nítòsí oko, torí omi ló ju ààbọ̀ gbágùúdá tútù lọ, ẹni tó bá kó o lọ sí Èkó ń sanwó ọkọ̀ fún omi ni. Ní ìlú tó ń gbòòrò, kí gọ́tà ṣáájú ilé, kí ilé ìgbẹ́ sì wà ní gáréèjì. Kí ìjọba ìbílẹ̀ wa sì lẹ àkọsílẹ̀ owó tó ń ti àpò àpapọ̀ wọlé fún wọn mọ́ ara ògiri lóṣooṣù, nítorí láti ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024 ni Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ti ní kí owó náà máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà.