Lẹ́tà Màmá Àgbà: Ibi tí “o” ń sá pamọ́ sí

Àṣàkẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà ní Alibon tẹ́ ẹ wà lọ́hùn-ún? Màmá ẹ sọ fún mi pé òtútù ti ń mú yín gan-an, pé ilẹ̀ kì í tíì mọ́ dáadáa tó o fi ń jáde lọ síléèwé. Ara tèmi náà le, mo dúpẹ́. Àmọ́ Sọ́ńdè mẹ́ta rèé tí mo ti ń retí ìpè ẹ. Mo bi màmá ẹ, ó ní o ti sọ pé o ò ní pè mí mọ́ títí Yorùbá ẹ á fi já gaara.

Mo mọ ohun tó fà á. Lọ́jọ́ tó o pè kẹ́yìn, mo ń múra ọjà. O gbọ́ ariwo apẹ̀rẹ̀, o sì bi mí pé, “Màmá, níbo lo ń lọ?” Kí n tó dáhùn, àǹtí ẹ já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu mi: “Ṣé ẹgbẹ́ ẹ ni Màmá ni?” Àwọn tó wà ní pálọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ sí i, o ní o fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ iléèwé.

Ọmọ mi, mo mọ̀ pé o ò rí mi fín. Láti kékeré lo ti mọ̀ pé “ẹ” là ń lò fún àgbà, a kì í pè é ní “o”. Bí ẹnikẹ́ni bá ní o pe Màmá ní “o”, wàá búra pé irọ́ ni. “O” yẹn fara pamọ́ sínú ọ̀rọ̀ tó o sọ ni, kò sì sẹ́ni tó fi hàn ẹ́ rí. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ gbé fóònù sílẹ̀, mo ní kí àǹtí ẹ sọ ohun tí “lo” túmọ̀ sí fún mi. Ó la ẹnu, ó pa á dé. Ó ń sọ ọ́ lójoojúmọ́, kò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀.

Ó yá, mú bírò. Kọ ìbéèrè tí màmá ẹ máa ń bi ẹ́ sílẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́:

Níbo lo ń lọ láàárọ̀ yìí?

Wá kọ èyí sábẹ́ ẹ̀:

Ní ibo ni o ń lọ ní àárọ̀ yìí?

Ìbéèrè kan náà ni méjèèjì. Ẹnu ẹnikẹ́ni kì í sọ èkejì, àmọ́ inú ẹ̀ ni àkọ́kọ́ ti jáde. Bí fáwẹ̀lì méjì bá pàdé, ẹnu wa sábà máa ń lé ọ̀kan jáde. “Ní” pàdé “ibo”, ó di “níbo”. “Ní” pàdé “àárọ̀”, ó di “láàárọ̀”. Ṣé o rí i pé “n” ti di “l” nínú èkejì? Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Bó bá jẹ́ “i” ló ṣẹ́ kù lẹ́yìn ẹ̀, “n” á dúró: ní ilé, nílé, ní inú, nínú. Bó bá jẹ́ fáwẹ̀lì mìíràn, “n” á yí padà di “l”: ní ọjà, lọ́jà; ní owó, lówó; ní ẹsẹ̀, lẹ́sẹ̀.

“Ni” tí kò ní àmì lórí náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ni o, lo. Ibi tí “o” sá sí nìyẹn! Màmá ẹ ní o wá “lo” nínú ìwé atúmọ̀ èdè, o bá “lò”, ìyẹn ká lo nǹkan, o wá bá “lọ”, kò sì sí èyí tó bá ọ̀rọ̀ mu. O ò lè rí i níbẹ̀, torí pé ọ̀rọ̀ méjì tó di mọ́ra wọn ni. “Lọ” tó wà lẹ́yìn “ń” jẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ní tiẹ̀, kò sóhun tó o fẹ́ tú nínú ẹ̀. Fi í sílẹ̀.

Wàyí o, bó o ṣe tú u, yọ “o” kúrò kó o fi “ẹ” sí i: Ní ibo ni ẹ ń lọ? Dì í padà: Níbo lẹ ń lọ? Ohun tó o ń wá láti sọ fún mi lọ́jọ́ yẹn nìyẹn. Ìyàtọ̀ ẹ̀ ò ju fáwẹ̀lì kan lọ. Bákan náà, “Kí lo jẹ?” á di “Kí lẹ jẹ?” “Ìgbà wo lo dé?” á di “Ìgbà wo lẹ dé?”

Ṣùgbọ́n ṣọ́ àmì orí ẹ̀ o. “Níbo ló ń lọ?” tí ohùn ròkè lórí “ló” kì í ṣe ìwọ ni wọ́n ń bi léèrè nípa ara ẹ. “Ni ó” nìyẹn, ẹlòmíì là ń sọ.

Ibòmíràn ṣì wà tí “o” máa ń sá sí, ibẹ̀ ló sì ti ń mú ọ̀pọ̀ ọmọ jù. Bí “o” bá tẹ̀ lé “kí”, “tí” tàbí “bí”, òun ló máa ń fa fáwẹ̀lì tó wà níwájú mọ́ra. Kí o wá, kó o wá. Ìgbà tí o dé, ìgbà tó o dé. Bí o bá jẹun tán, bó o bá jẹun tán. “Ẹ” náà ń ṣe bẹ́ẹ̀: kẹ́ ẹ wá, ìgbà tẹ́ ẹ dé, bẹ́ ẹ bá jẹun tán. Nítorí náà, má ṣe sọ fún mi pé, “Mo fẹ́ kó o wá sí Lọ́ńdọ̀nù.” Sọ pé, “Mo fẹ́ kẹ́ ẹ wá.” Mo ń retí ìwé ìrìnnà náà!

Ka apá yìí fún màmá ẹ. Ẹ̀bi ẹ kọ́ ló jẹ́. Nínú ilé yín, àwọn òbí ẹ nìkan ló ń sọ Yorùbá, ìwọ ni wọ́n sì ń bá sọ ọ́. “Lo”, “kó o” àti “tó o” lo ń gbọ́ láàárọ̀ àti lálẹ́, bó o sì ṣe gbọ́ ọ lódindi lo ṣe gbé e wá fún mi. Ọmọ tó dàgbà sílé ńlá níbí máa ń gbọ́ kí ìyá ẹ̀ bá ìyá àgbà sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́, ibẹ̀ ló ti ń mú “lẹ” àti “kẹ́ ẹ”. Tìẹ ò rí bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, láti ọ̀sẹ̀ yìí lọ, bí màmá ẹ bá fẹ́ pè mí, kó ṣí fóònù sílẹ̀ kí ohùn àwa méjèèjì máa jáde, kó o jókòó tì í. Máa gbọ́ ohun tó ń bi mí. Bẹ́ ẹ bá sì pàdé àwọn màmá Yorùbá ní Heathway, dúró díẹ̀ kó o gbọ́ bí màmá ẹ ṣe ń kí wọn.

Iṣẹ́ tí mo fún ẹ ò pọ̀. Kọ ìbéèrè mẹ́ta tí màmá ẹ bi ẹ́ lọ́sẹ̀ yìí sílẹ̀. Tú wọn, yọ “o”, fi “ẹ” sí i, dì wọ́n padà. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, pè mí kó o fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bi mí. Mo ti sọ fún àǹtí ẹ pé ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tú “lánàá” fún mi. Kó má bàa bá ẹ lójijì, “ní àná” ni. Ohùn òkè ara “ní” bọ́ sórí “à”, ohùn ìsàlẹ̀ tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ wá sún síwájú: lá-nà-á. Má sọ fún un o.

Bó o bá tún ṣì í, máa pè mí bẹ́ẹ̀. Àṣìṣe ẹ dùn mọ́ mi létí ju kí fóònù dákẹ́ lọ.

Èmi ni,
Màmá ẹ àgbà, n’Ìbàdàn