Ẹ Má Fagi Lé Èsì Tí Ẹ Kò Tíì Rí

Ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ 14, oṣù Kẹwàá, ọdún 2023, mo jókòó níwájú kọ̀ǹpútà ní ibùdó ìdánwò kan ní Èkó, mo ń ṣe ìdánwò GRE. Àjọ ETS ni ó ń ṣètò ìdánwò yìí, àwọn ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kan ní àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà sì ń béèrè èsì rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó bá fẹ́ kàwé gboyè kejì tàbí oyè ọ̀mọ̀wé lọ́dọ̀ wọn. Ọ̀pọ̀ ẹ̀ka kò béèrè rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀dá èdè tí èmi ń fẹ́ ṣì ń béèrè rẹ̀ nígbà náà.

Àròkọ ni a kọ́kọ́ kọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni abala èdè àti abala ìṣirò tẹ̀ lé e. Nígbà tí àkókò abala ìṣirò tí ó kẹ́yìn tán, ìbéèrè mẹ́ta ni n kò tíì fọwọ́ kàn. Ọkàn mi gbọgbẹ́. Kò pẹ́ ni ojú kọ̀ǹpútà béèrè lọ́wọ́ mi bóyá kí wọ́n ka èsì mi sí tàbí kí wọ́n fagi lé e. Mo ní kí wọ́n fagi lé e. Lójú tèmi, mo ń bo àṣírí ara mi ni, kí yunifásítì má baà rí ìtìjú mi.

Àwọn àgbà ní a kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Èmi fi ìkánjú lá a, ó sì jó mi lẹ́nu. Ohun tí n kò mọ̀ nígbà náà ni mo fẹ́ sọ fún yín lónìí, nítorí pé àbúrò mi ọkùnrin ṣe ìdánwò kan náà lọ́dún 2025, ọ̀nà tí ó gbà sì yàtọ̀ sí tèmi pátápátá.

Ìbéèrè nípa fífagi lé èsì máa ń wá kí a tó rí èsì ni. Ẹni tí ó bá ní kí wọ́n kà á sí yóò rí máàkì èdè àti ti ìṣirò lójú ẹsẹ̀. Máàkì àròkọ nìkan ni yóò kù lẹ́yìn. Láti 130 dé 170 ni wọ́n ń fún ènìyàn nínú abala èdè àti nínú abala ìṣirò. Ẹni tí ó bá fagi lé e kò ní rí nǹkan kan. Kò sì ṣeé ṣe láti fagi lé ìṣirò kí a dá èdè sí: gbogbo rẹ̀ ni yóò lọ. Wọn kò ní dá owó ìdánwò padà, owó náà sì lé ní 200 dọ́là. Bákan náà, ẹni tí ó bá ti ní kí wọ́n ka èsì òun sí kò lè padà wá fagi lé e.

Ìdí tí mo fi ṣi ìgbésẹ̀ gbé ni pé mo rò pé kíka èsì sí àti fífi èsì ránṣẹ́ jẹ́ ohun kan náà. Wọn kì í ṣe ọ̀kan. Bí a bá ti ní kí wọ́n ka èsì sí, inú àkáǹtì wa lọ́dọ̀ ETS ni ó ń lọ. Yunifásítì kankan kò ní rí i àyàfi tí a bá fúnra wa ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i. Ètò tí ó fún wa ní àṣẹ yìí ni wọ́n ń pè ní ScoreSelect. Lọ́jọ́ ìdánwò, lẹ́yìn tí a bá ti rí máàkì wa, a lè yan yunifásítì mẹ́rin tí wọn yóò fi èsì náà ránṣẹ́ sí láìgba owó mìíràn. A lè yan Most Recent, ìyẹn èsì ọjọ́ náà nìkan, tàbí All, ìyẹn gbogbo èsì tí a ti ní láàárín ọdún márùn-ún sẹ́yìn. A sì tún lè sọ pé kí wọ́n má fi ránṣẹ́ sí ibì kankan. Èyí túmọ̀ sí pé ìtìjú tí mo ń sá fún kò sí níbẹ̀ rárá.

Ẹ jẹ́ kí n wá sórí ọ̀rọ̀ àbúrò mi. Ìmọ̀ ẹ̀rọ ni ó kà, yunifásítì mẹ́rin ni ó sì ń kọ̀wé sí. Gbèdéke ọ̀kan jẹ́ ọjọ́ 1, oṣù Kejìlá. Ti àwọn mẹ́ta yòókù jẹ́ ọjọ́ 15, oṣù náà. Ó ṣe ìdánwò ní ọjọ́ 25, oṣù Kẹwàá. Kí ó tó wọlé, mo ti kìlọ̀ fún un pé bí ó ti wù kí ọkàn rẹ̀ dàrú tó, kí ó má ṣe fagi lé e. Ìṣirò fún un ní 154, ohun tí ó sì ń fẹ́ kò dín ní 160. Ó rí i, ó gbà á, ṣùgbọ́n kò fi ránṣẹ́ sí yunifásítì kankan.

Ó pè mí láti ẹnu ọ̀nà ibùdó náà. Ó ní, “Àǹtí mi, ṣé ẹ rí i pé mo ti pàdánù àǹfààní ọ̀fẹ́ mẹ́rin yẹn?”

Mo dá a lóhùn pé, “O pàdánù rẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n o ti mọ iye tí o gbà, o sì mọ ibi tí bàtà ti ń ta ọ́ lẹ́sẹ̀. Òmíràn yóò tún bá ìdánwò kejì wá.”

Ọjọ́ 21 gbọ́dọ̀ wà láàárín ìdánwò kan sí èkejì, a kò sì lè ṣe é ju ìgbà márùn-ún lọ láàárín oṣù méjìlá. Ẹ fi ọkàn sí èyí: ìdánwò tí a fagi lé wà nínú òǹkà náà. Fífagi lé e kò dín ọjọ́ ìdúró kù. Láti ọjọ́ 25, oṣù Kẹwàá, ọjọ́ tí ó yá jù tí àbúrò mi lè padà lọ ni ọjọ́ 15, oṣù Kọkànlá. Ọjọ́ 22 ni ó rí àyè. Lọ́tẹ̀ yìí, ìṣirò fún un ní 163. Ó yan Most Recent, ó sì yan yunifásítì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìwé èsì tí wọn yóò rí gbà kò ní mẹ́nu kan 154 rárá.

Ibi tí ìṣòro kù sí ni kàlẹ́ńdà. Èsì tí a rí lójú kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ ìdánwò kì í ṣe ojúlówó. Ojúlówó èsì máa ń jáde lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́jọ sí mẹ́wàá, ní nǹkan bí àkókò yẹn náà ni wọ́n sì ń fi í ránṣẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi kà á láti ọjọ́ 22, oṣù Kọkànlá: ọjọ́ 30 ni ọjọ́ kẹjọ, ọjọ́ 2, oṣù Kejìlá, sì ni ọjọ́ kẹwàá. Àwọn mẹ́ta tí gbèdéke wọn jẹ́ ọjọ́ 15 kò ní ìṣòro. Èyí tí gbèdéke rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 1 ni ó fẹ́ já ọkàn wa.

Àwọn gbèdéke kò rí bákan náà. Ẹ̀ka kan lè sọ pé ojúlówó èsì gbọ́dọ̀ ti wà lọ́wọ́ òun lọ́jọ́ gbèdéke. Òmíràn lè sọ pé fọ́ọ̀mù ni ó gbọ́dọ̀ wọlé lọ́jọ́ náà, kí a fọwọ́ ara wa kọ máàkì sí i, kí ojúlówó sì tẹ̀ lé e. Àbúrò mi kò fi èyí ṣe àfojúsùn lásán. Ó kọ ímeèlì kúkúrú sí ẹ̀ka náà ní ọjọ́ 24, ó sọ ọjọ́ tí ó ṣe ìdánwò àti ọjọ́ tí ó retí èsì, ó sì béèrè bóyá yóò bọ́ sí i. Wọ́n ní kí ó kọ máàkì náà sínú fọ́ọ̀mù, àwọn yóò dúró de ojúlówó. Ká ní wọ́n kọ̀ ni, ì bá ṣì ní ọ̀sẹ̀ kan láti wá ibòmíràn.

Ẹni tí ó bá fẹ́ fi yunifásítì mìíràn kún un lẹ́yìn ọjọ́ ìdánwò yóò san owó tí ó lé ní 30 dọ́là lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àǹfààní tí ó wà níbẹ̀ ni pé ó lè yan Any, kí ó mú èyí tí ó bá wù ú nínú àwọn èsì rẹ̀. Ẹ kà á bí ọjọ́ márùn-ún kí ó tó kúrò lọ́dọ̀ ETS, kí ẹ sì fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ kí yunifásítì tó so ó mọ́ fọ́ọ̀mù yín.

Síso mọ́ fọ́ọ̀mù yìí ni ó máa ń da àwa ọmọ Yorùbá láàmú jù, nítorí orúkọ wa. Orúkọ inú páásípọ́ọ̀tù ni a fi ń ṣe ìdánwò. Bí fọ́ọ̀mù yunifásítì bá wá gbé orúkọ ilé síwájú, tàbí tí a fo orúkọ àárín, èsì lè dé kí wọ́n má mọ ẹni tí ó ni ín. Orúkọ ilé ìwé náà máa ń ṣini lọ́nà: Miami University wà ní ìpínlẹ̀ Ohio, University of Miami sì wà ní Florida. Èsì tí a bá ti fi ránṣẹ́ síbi tí kò yẹ kò ṣeé gbà padà. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá lẹ́yìn tí èsì ti jáde, tí ojú ìwé ìbéèrè yín ṣì ń sọ pé òun kò rí i, ẹ kọ̀wé sí ọ́fíìsì ìgbaniwọlé, kí ẹ fún wọn ní nọ́mbà ìdánwò yín, ọjọ́ ìbí yín àti orúkọ yín gẹ́gẹ́ bí ó ti wà nínú páásípọ́ọ̀tù.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan fún ẹni tí ó ti ṣe irú àṣìṣe tèmi. Èsì tí a fagi lé ṣeé dá padà bí ọjọ́ 60 kò bá tíì kọjá lẹ́yìn ìdánwò. 50 dọ́là ni owó rẹ̀, orí àkáǹtì ETS ni a sì ti ń béèrè fún un. Ọjọ́ 60 tèmi pé ní ọjọ́ 13, oṣù Kejìlá, ọdún 2023. Ọjọ́ 20 ni mo gbọ́ nípa ètò náà lẹ́nu ọ̀rẹ́ mi kan. Gbèdéke ẹ̀ka tí mo ń fẹ́ ti kọjá, n kò sì ní 200 dọ́là mìíràn láti tún bẹ̀rẹ̀.

Èsì àbúrò mi ti wọlé sí yunifásítì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. A jọ yẹ̀ ẹ́ wò ni. Ní tèmi, iye tí mo gbà lọ́jọ́ Àbámẹ́ta yẹn, n kò mọ̀ ọ́n títí di òní. Ó ṣeé ṣe kí ó tó.