Èló Ni Igbó Tó Ń Sẹ́ Omi Mu?

Bí wọ́n bá ń kọ ìwé ìmọ̀ràn fún ìjọba lórí igbó orísun omi, ọ̀nà ìṣirò tí wọ́n yàn ló máa ń pinnu bóyá igbó náà yóò dúró. Ẹ jẹ́ ká fi omi Niu Yọ́ọ̀kì wo ọ̀nà méjì.

Èkíní ni iye ọjà. Wọ́n á béèrè iye tí oníṣòwò gẹdú yóò san, wọ́n á sì yọ owó gígé àti owó ọkọ̀ kúrò. Ó rọrùn, ẹ̀rí rẹ̀ sì wà lọ́jà. Ṣùgbọ́n gbòǹgbò tó ń dá ẹrẹ̀ dúró kí ó má bàa wọnú odò kò ní ọjà tirẹ̀, nítorí náà òdo ni wọ́n ń kọ sí i. Owó omi tí ará ìlú ń san pàápàá, owó ọ̀pá àti òṣìṣẹ́ ni, kì í ṣe owó igbó.

Èkejì ni ìnáwó tí igbó yọ wá nínú rẹ̀. Láti 1989, òfin Amẹ́ríkà ní kí ìlú tó ń lo omi odò àti adágún máa sẹ́ ẹ, àfi bí ó bá lè fi hàn pé orísun rẹ̀ mọ́. Orí òkè Kátísíkìlì àti odò Dẹ́láwíà ni nǹkan bí ìdá 90 nínú 100 omi Niu Yọ́ọ̀kì ti ń wá. Wọ́n ṣírò pé ilé-iṣẹ́ ìsẹ́mi fún un yóò gba bílíọ̀nù 6 sí 8 dọ́là, yàtọ̀ sí nǹkan bí mílíọ̀nù 300 lọ́dọọdún. Ní 1997, ìlú bá àwọn ará òkè ṣe àdéhùn, ó sì fi nǹkan bíi bílíọ̀nù kan àtààbọ̀ sí i. Bí a bá tilẹ̀ mú iye tó kéré, bílíọ̀nù mẹ́rin àtààbọ̀ ló kù lápò.

Iye yìí kò ní ìtumọ̀ àfi bí ẹnì kan yóò bá san án ní tòótọ́ bí igbó bá lọ. Kurótónì ni ẹlẹ́rìí wa. Ilé ti kún ibẹ̀, ìjọba àpapọ̀ sì fi dandan lé sísẹ́ omi rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ náà, tó wà lábẹ́ ọgbà ìtura kan ní Burọ́ńsì, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2015. Ó gbà ju bílíọ̀nù 3 lọ, fún nǹkan bí ìdá 10 péré nínú omi ìlú! Àwọn ará àdúgbò náà jà títí, wọn kò borí.

Síbẹ̀, a kò gbà kí wọ́n kọ gbogbo owó náà sórúkọ igbó. Àtúnṣe ihò ẹ̀gbin àwọn ilé àti ìrànlọ́wọ́ fún àgbẹ̀ ṣe nínú iṣẹ́ náà. Bákan náà, ìlú ṣì ní láti kọ́ ilé-iṣẹ́ tó ń fi ìtànṣán pa kòkòrò inú omi ní 2013. Ó yẹ kí wọ́n yọ ìwọ̀nyí kúrò. Kí wọ́n má sì ro owó gẹdú igi kan náà mọ́ ọn. Igi tí a ti gé kì í dá ẹrẹ̀ dúró mọ́.

Níbi tí ará abúlé ń bu omi odò mu láìsí ìjọba tí yóò kọ́ ohunkóhun fún wọn, owó ilé-iṣẹ́ jẹ́ owó orí ìwé lásán. Owó oògùn ìgbẹ́ gbuuru àti wákàtí tí wọ́n fi ń wá omi mìíràn ni kí wọ́n kà níbẹ̀.